Ẹsẹ̀ Màlúù Ni Kí A Fín, Kì Í Ṣe Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́, ní àwọn gàá tó wà lẹ́bàá odò Ọ̀yún, láti apá Ọ̀fà títí dé ẹ̀gbẹ́ Ìlọrin, ohun kan wà tí ojú sábà máa ń rí. Ọkùnrin kan gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fín màlúù láti orí iké sísàlẹ̀. Omi oògùn ń ṣàn lẹ́yìn ẹran, ó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó fín ẹ̀yìn, ó fín ọrùn, ó fín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìgbà tó fi máa kan ẹsẹ̀, oògùn ti tán nínú pọ́ǹpù. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe, owó ńlá ni ó sì ná, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ọ̀tá ẹran ń gbà wọlé gan-an ni kò fín.

Ọ̀tá méjì ni. Èkíní ni eṣinṣin tsẹ̀tsẹ̀, tó ń gbé kòkòrò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tiripanosóòmù wọ inú màlúù. Àìsàn yìí ni àwọn darandaran ń pè ní sámóórè. Ẹran á máa rù, irun rẹ̀ á dìde, ibi tó yẹ kó pọ́n lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ á funfun, abo tó lóyún lè ṣẹ́yún. Ọ̀tá kejì ni eégbọn, tó ń gbé àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ogun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo eṣinṣin náà. Àwọn tó wà létí odò ní ìhà wa kì í sábà bà lé ẹ̀yìn màlúù tó bá wà lórí ìdúró. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fò, nítòsí ilẹ̀, ẹsẹ̀ ẹran àti abẹ́ ikùn rẹ̀ ni wọ́n ń bà lé. Màlúù ńlá ni wọ́n fẹ́ràn jù, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ọmọ màlúù. Akọ àti abo wọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí pé wọn kò ní oúnjẹ mìíràn. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ wá ẹran kan. Oògùn tó bá wà ní ẹsẹ̀ ẹran náà á pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu jù nínú ọ̀ràn yìí ni bí eṣinṣin náà ṣe ń bímọ. Eṣinṣin ilé ń yé ẹyin tó lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá pa mẹ́wàá lónìí, ogún á rọ́pò wọn lọ́la. Eṣinṣin tsẹ̀tsẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń lóyún ni, bíi ti ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wàrà inú ara rẹ̀ ló sì ń fi bọ́ ọ títí ọmọ náà á fi tóbi tó, kó tó bí i sínú ilẹ̀ rírọ̀ lábẹ́ òjìji igi. Ọmọ náà á wọlẹ̀, á wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan kó tó di eṣinṣin. Ọmọ àkọ́kọ́ máa ń gba abo náà ní ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ sí mẹ́ta láti ìgbà tó ti jáde láti inú ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ kan ní bí ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá. Abo tó bá gbé oṣù mẹ́ta lókè eèpẹ̀ kò lè bí ju bíi mẹ́jọ lọ.

Ìyá tó ń bí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń fún un lọ́mú nínú ikùn, kò lè pàdánù púpọ̀. Bí a bá ń pa nǹkan bí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn abo lójoojúmọ́, yàtọ̀ sí àwọn tó ń kú fúnra wọn, tí a kò sì dáwọ́ dúró, iye wọn á máa wálẹ̀ láìpadà sókè. Kò di dandan kí a gé igbó etí odò lulẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà kan. Kí ẹran tó ń lọ mu omi gbé oògùn dání tó.

Ti eégbọn wá yẹ kí ènìyàn wò dáadáa. Èyí tó tóbi, tí àrà wà lẹ́yìn akọ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmì funfun-funfun bí ìlẹ̀kẹ̀, ló ń gbé àrùn tó ń mú omi kún àyíká ọkàn ẹran, ó sì tún máa ń mú àrùn awọ tó ń di èépá le sí i. Inú koríko ló ti ń dúró de ẹran nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Bí màlúù bá tẹ koríko náà, àlàfo pátákò rẹ̀ ni eégbọn máa ń kọ́kọ́ di mọ́. Ibùdó ọ̀nà nìyẹn, ilé rẹ̀ kọ́. Ọmú, abẹ́ ikùn àti ẹpọ̀n ló ń lọ. Ìgbà tí ẹran bá dùbúlẹ̀ sinmi, tí ikùn rẹ̀ kan ẹsẹ̀, ni eégbọn á gùn ún kọjá. Nítorí náà, láti ìgbà tí ẹran ti ń jẹko títí di ìgbà tó bá dùbúlẹ̀, ọ̀pọ̀ eégbọn ọjọ́ náà ló ṣì wà ní pátákò, tí a lè dé bá a. Ní Bùrùkínà Fásò ni àwọn onímọ̀ ẹran ti fi èyí ṣe kòtò sìmẹ́ǹtì tí ẹran ń gbà kọjá, tí omi oògùn inú rẹ̀ kò ga ju kó bo pátákò lọ. Wọ́n rí i pé ó ń pa eégbọn náà, ó sì ń pa eṣinṣin etí odò pẹ̀lú.

Ẹni tí kò ní kòtò lè lo pọ́ǹpù. Ká sọ pé agbo kan ní màlúù ogójì, tí mẹ́rìnlélógún nínú wọn jẹ́ àgbà, tí mẹ́rìndínlógún sì jẹ́ ọmọ. Bí wọ́n bá fín gbogbo ara gbogbo wọn, lítà mẹ́rin fún ẹran kan, 160 lítà ni. Bí wọ́n bá fín ẹsẹ̀, àlàfo pátákò àti abẹ́ ikùn àwọn àgbà nìkan, ìdá mẹ́rin lítà tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lítà mẹ́fà péré ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni nígbà òjò, nítorí koríko tútù ń fọ oògùn kúrò ní ẹsẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè tó oṣù kan.

Fífi àwọn ọmọ sílẹ̀ kì í ṣe ahun. Àrùn eégbọn méjì tó gbajúmọ̀ jù, èyí tó ń sọ ìtọ̀ di àwọ̀ kọfí àti èyí tó ń pọ́n ojú bí ìbà apọ́njú, kì í sábà pa ọmọ màlúù tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Bí eégbọn bá ta á nígbà yẹn, ara rẹ̀ á kọ́ bó ṣe ń bá àrùn náà jà. Bí a bá pa gbogbo eégbọn mọ́ kúrò lára rẹ̀, yóò dàgbà láìní ààbò, èyí tó bá ta á lẹ́yìn ìgbà náà lè pa á. Fífín ẹsẹ̀ àwọn àgbà nìkan ń dá eṣinṣin dúró láìgba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ ọmọ. Ọgbọ́n tó wà nínú èyí pọ̀ ju ti ẹni tó fẹ́ mọ́ ara gbogbo ẹran tónítóní lọ.

Oògùn tí a rà ṣe pàtàkì. Ámítírásì, tí ọ̀pọ̀ ń rà fún eégbọn, kò ní ipá lórí eṣinṣin tsẹ̀tsẹ̀. Dẹlitamẹ́tírìnì tàbí ìbátan rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹran, ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí a tẹ̀lé, nítorí bí ó bá ṣàn dé odò, ó ń pa ẹja. Ẹ má ṣe fọ pọ́ǹpù lódò. Bí oògùn kò bá sì kán sílẹ̀ yíká agbo, yímíyímí á ṣẹ́ kù láti yí ìgbẹ́ ẹran wọlẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tó ń bà iṣẹ́ náà jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ: abẹ́rẹ́ tí a pín. Páálí kan ti Bẹ́rẹ́nìlì, oògùn sámóórè, tí a pò pẹ̀lú mílílítà 12.5 omi, tó ní gíráàmù 1.05 oògùn nínú, 300 kìlógíráàmù ẹran ló wà fún, ìyẹn mílígíráàmù 3.5 fún kìlógíráàmù kan. Ẹni tó ní màlúù mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó 250, tó sì pín páálí kan fún wọn, 1.4 péré ló fún wọn. Ẹran á gbéra sọ bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò tó lágbára jù á ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì máa bímọ tí oògùn náà kò ràn mọ́. Bẹ́rẹ́nìlì kì í sì pẹ́ lára. Ẹran tó gba á lónìí tó tún lọ sódò lè kó o padà láàárín oṣù kan. Sámórìn, oògùn sámóórè kejì, ló ń pẹ́, bí oṣù méjì sí mẹ́rin, àmọ́ òun náà ń fẹ́ ìwọ̀n tó pé, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó wọnú ẹran dáadáa. Lílo ọ̀kan tẹ̀lé èkejì dára ju lílo ọ̀kan nìkan fún ọdún púpọ̀.

Bí ìtọ̀ bá ti dà bíi kọfí, Sámórìn kọ́ ni. Bẹ́rẹ́nìlì ló ń bá èyí jà. Bí ojú bá pọ́n ṣùgbọ́n tí ìtọ̀ kò yí àwọ̀ padà, abẹ́rẹ́ ọsitẹtirasáíkílìnì ló yẹ. Dókítà ẹran tó bá fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì fi ẹ̀rọ yí i, á rí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dín. Ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa tí kò tó 24 nínú ọgọ́rùn-ún fi hàn pé ó ti dín. Àbájáde yẹn kò dárúkọ àrùn, kò ju kó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń sá lọ. Ìyókù, ẹ̀rọ awòkòkòrò ló ń sọ ọ́.

Ààlà wà fún iṣẹ́ náà. Gàá kan kò lè dá gbogbo etí odò mọ́; bí àwọn aládùúgbò kò bá fín, eṣinṣin á máa fò wá. Eṣinṣin náà sì ń mu ẹ̀jẹ̀ awọ́nríwọ́n àti ènìyàn, nítorí náà díẹ̀ á máa ṣẹ́ kù. Eégbọn kéékèèké tó ń lo gbogbo ayé rẹ̀ lára màlúù kan kì í dúró ní ẹsẹ̀ nìkan, ó ń wà ní ọrùn àti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù lára ẹran, a ní láti fín ibẹ̀ náà. Màlúù Kétékù, tí ẹ̀jẹ̀ màlúù Mùtúrù wà nínú rẹ̀, ń fara da sámóórè ju màlúù funfun Bùnájì lọ, ṣùgbọ́n Bùnájì ló kún inú gàá, nítorí pé ó tóbi, ó sì ń fún ni ní wàrà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni kí a fín, bí ẹran bá ti dé láti pápá, kí wọ́n tó dùbúlẹ̀. Eégbọn ṣì wà ní pátákò nígbà náà, oògùn á sì ti gbẹ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó gba ojú ọ̀nà odò ní àárọ̀, níbi tí eṣinṣin ti ń dúró dè wọ́n nínú òjìji.