Ayánilágbára: iṣẹ́ tí kíríátìnì ń ṣe nínú ọpọlọ

Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá pe kíríátìnì, èròjà inú ara tí àwọn eléré ìdárayá tún máa ń mu, ní “afúnnilágbára”. Kò fún ẹnikẹ́ni lágbára, ó ń yá ni ni. Àwọn kan ní “èròjà ẹran” ló yẹ ẹ́, torí inú ẹran ni Chevreul, ará Faransé, ti kọ́kọ́ rí i ní 1832. Ṣùgbọ́n ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe é. Ẹni tí kò fẹnu kan ẹran rí náà ní i lára. Èyí tó burú jù ni ká kàn máa kọ “kíríátìnì” kiri, kí etí má yà á sọ́tọ̀ sí “kíríátínìnì”, ìdọ̀tí tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe. A ti ní ayánilówó lédè wa. Ayánilágbára ni tèmi.

Ẹ wo ìyá oníṣu ní Ọjà Ọba, Adó. Oníbàárà na ẹgbẹ̀rún náírà, ṣénjì ti tán. Ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yá a ní ṣénjì lójú ẹsẹ̀, ọjà kò dúró. Bí owó bá wọlé, á dá a padà. Báyìí ni ayánilágbára ṣe ń yá ọpọlọ ní fọ́sífètì nígbà tí ATP, agbára tí ọpọlọ ń ná bí owó, bá fẹ́ tán; fọ́sífètì yìí ni ara fi ń tún un ṣe.

Àbúrò mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé n lè fi rọ́pò oorun?” Ìwádìí kan ní Jámánì ní 2024 ló gbọ́. Ènìyàn 15 péré ni wọn kò jẹ́ kó sùn, wọ́n fún wọn ní gíráàmù 0.35 fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní òru mìíràn, ìyẹ̀fun lásán ni wọ́n gbà, kí wọ́n lè fi wéra. Ìrántí ojú ẹsẹ̀ àti ìyára ìrònú wọn dára sí i fún wákàtí díẹ̀. Àbúrò mi tó wọn kílò 60 á mu gíráàmù 21, nígbà tó jẹ́ pé 3 sí 5 ni àwọn eléré ìdárayá ń mu lójúmọ́. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè da inú rú, kò sì sí ẹni tó dán an wò ní òru mẹ́ta léraléra nínú ìwádìí yẹn. Mo ní kó má ṣe é.

Fún ẹni tó sùn dáadáa, ẹ̀rí kò lágbára rárá. Ìwádìí 2003 ní Ọsirélíà rí èrè ńlá lára àwọn tí kì í jẹ ẹran; èyí tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 123 ní 2023 rí èrè bíńtín, kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín ajẹran àti aláìjẹran. Ní 2024, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù ní ẹ̀rí kò tó láti sọ pé ó ń mú ọpọlọ jí pépé.

Ti ìbànújẹ́ ọkàn, àwọn ìwádìí kékeré tí wọ́n ti fi ayánilágbára kún oògùn dókítà ló ní ìrètí díẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ máa ń ga fíofío, tó tún ń rẹlẹ̀, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó gbé e sẹ́nu.

Ẹni tó bá ń mu ún, kó sọ fún àwọn tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò: kíríátínìnì lè ga lórí ìwé láìsí pé kíndìnrín ní àìsàn kankan.