Ara di méjì, ẹnu kò di méjì: kálórì, áyọ́ọ̀nù àti ìrìn aláboyún

Abara méjì ni à ń pe aláboyún, orúkọ yìí sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà nídìí oúnjẹ. Ara di méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kò di méjì. Nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 8, ọlẹ̀ tó wà nínú kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò sì lè jẹ àwo oúnjẹ kejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn fi ń sọ pé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, iye kálórì tí obìnrin ń jẹ kó tó lóyún náà ló ṣì tó o. Kálórì ni ìwọ̀n agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ìṣirò ń yí padà. Obìnrin tó gbé ọmọ kan ṣoṣo, tí kò sanra jù tí kò sì rù jù kó tó lóyún, yóò nílò nǹkan bí 340 kálórì lé orí iye tó ń jẹ lójúmọ́. Láti ọ̀sẹ̀ 28 títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, àfikún náà á tó nǹkan bí 450. Ọmọ nìkan kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Ilé ọmọ ń tóbi, olóbì ń dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i, ọkàn sì ń ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kó lè fún ẹ̀jẹ̀ náà káàkiri. Ara tún ń fi ọ̀rá díẹ̀ pamọ́ de ìgbà tí ọmọ yóò máa mu ọmú.

Bí a bá gbọ́ 340, ó lè dún bí ohun ńlá. Tí a bá gbé e sínú àwo, ẹyin sísè méjì, búrẹ́dì ẹ̀là kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ni. Ìgò kékeré ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kálórì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà lásán ni: kò sí pùrótéènì tí ọmọ yóò fi mọ ẹran ara nínú rẹ̀, kò sì sí áyọ́ọ̀nù, èròjà irin inú oúnjẹ. Iye kan náà ni lórí ìwé, ohun tí ara rí gbà níbẹ̀ kò jọra rárá.

Ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 163, ó sì wúwo ní kílò 62 kó tó lóyún. Tí a bá sọ gíga rẹ̀ di mítà, tí a fi gíga náà lọ́po ara rẹ̀, tí a wá fi ohun tó jáde pín kílò rẹ̀, a ó rí 23.3. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàárín 18.5 sí 24.9 ni a ń kà sí ẹni tí ara rẹ̀ wà déédéé, kílò 11.5 sí 16 ni a sì ń retí pé kó fi wúwo sí i kó tó bímọ. Ẹni tó sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye tirẹ̀ á dín kù. Ẹni tó rù, tirẹ̀ á pọ̀ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ 20, obìnrin yìí sọ fún agbẹ̀bí pé òun fẹ́ máa rìn kíákíá déédéé. Agbẹ̀bí kò kàn mi orí. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó wo àwòrán sikánì kó lè mọ ibi tí olóbì so mọ́. Ó bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ nínú oyún yìí, bóyá ó ti bímọ tí oṣù kò pé rí, bóyá ó ní àrùn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí èyí tó jẹ́ ìbéèrè ṣákálá nínú wọn. Ọrùn ilé ọmọ tí kò lágbára lè ṣí kí àkókò tó tó. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oyún fà máa ń sọ eré ìmárale di ewu. Olóbì tó bo ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ lè ya ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wà nísàlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 20 sábà máa ń gòkè bí ilé ọmọ ṣe ń tóbi, tí wọ́n á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá yá. Torí náà, ohun tí agbẹ̀bí rí lọ́jọ́ náà ni ìyọ̀ǹda rẹ̀ dúró lé. Bí nǹkan tuntun bá ṣẹlẹ̀ lára, a ó tún un béèrè.

Ìwọ̀n tí wọ́n fún un ni ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Nítorí pé kò rìn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 10 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Kíka ìlùkìkì ọkàn kò ṣeé gbára lé fún aláboyún, torí pé oyún fúnra rẹ̀ ti mú ọkàn yára kí ẹsẹ̀ tó gbé. Ẹnu ni a fi ń wọ̀n ọ́n: ẹni tó ń rìn gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ délẹ̀ láìjẹ́ pé èémí já a, ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gé lẹ́nu, ó ti le jù. Eré ìmárale tí a ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ṣe fún ìgbà pípẹ́ kò yẹ mọ́ lásìkò yìí, torí ilé ọmọ tó ti wúwo máa ń tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, òòyì á sì kọ́ obìnrin náà. Eré tí ènìyàn ti lè ṣubú, tàbí tí nǹkan ti lè bà á nínú, kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ìṣẹ́jú 30 ìrìn kíákíá máa ń jó nǹkan bí 100 kálórì ju ìjókòó lọ fún ẹni tó wúwo tó obìnrin yìí. Lọ́jọ́ márùn-ún, 500 ni. Tí a bá pín in sí ọjọ́ méje, kò ju nǹkan bí 70 lọ lójúmọ́. Èso kan ti dí i. Kì í ṣe iye yìí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, bí kò ṣe àsìkò tí ènìyàn jẹun. Ara aláboyún máa ń tètè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tán, pàápàá lẹ́yìn oorun òru, torí náà ẹni tó bá dìde láàárọ̀ tó sì jáde lọ rìn lófìfo lè rí i kí ojú rẹ̀ máa ṣú, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa gbọ̀n. Ìpápánu díẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú, pẹ̀lú omi, ló ń dènà èyí.

Ohun tí obìnrin àpẹẹrẹ wa kò ṣe nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ 24, òṣùwọ̀n fi hàn pé gíráàmù 800 péré ló fi wúwo sí i láti ọ̀sẹ̀ 20. Ẹni tí ara rẹ̀ wà déédéé yẹ kó máa fi nǹkan bí gíráàmù 350 sí 500 wúwo sí i lọ́sẹ̀ kan láti oṣù kẹrin lọ, ìyẹn kílò 1.4 sí 2 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Agbẹ̀bí kò ní kó dá ìrìn dúró, ọjọ́ rẹ̀ ló bi í léèrè. Ó wá hàn pé ó ń rìn kó tó jẹun, àyà á máa ta á bó bá dé, á sì fo oúnjẹ òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n pín oúnjẹ rẹ̀ sí kékeré mẹ́fà dípò ńlá mẹ́ta, wọ́n sì gbé ìrìn sí ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ 28, ó ti fi kílò 1.7 kún un.

Ọ̀sẹ̀ 24 yẹn kan náà ni wọ́n rí ohun kejì. Ó ní ìrìn tí òun ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń gé òun lémìí, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé oyún ló fà á, èyí sì ni ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe jù lọ, torí pé àárẹ̀ oyún àti àárẹ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀ jọra bí ìbejì. Omi inú ẹ̀jẹ̀ aláboyún máa ń fi bíi ìdajì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ni ara fi ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ọmọ pẹ̀lú sì ń gba tirẹ̀ pamọ́. Mìlígíráàmù 27 lójúmọ́ ni wọ́n ń dá lábàá. Oúnjẹ nìkan kì í sábà mú un pé, ló fi jẹ́ pé wọ́n ń fi oògùn oníhóró kún un.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè ya àárẹ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Himoglóbíìnì, ohun inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́, tó bá wà lábẹ́ gíráàmù 11 nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan, tàbí 10.5 ní àárín oyún, túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Tirẹ̀ jẹ́ 9.8. Ó sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́! Tíì ló fi ń gbé e mì. Tíì àti kọfí máa ń so mọ́ áyọ́ọ̀nù nínú ìfun, ara kò sì ní lè fà á mu dáadáa; kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, náà máa ń dí i lọ́nà bí a bá lò wọ́n pọ̀. Omi ọsàn ló ń ràn án lọ́wọ́, nítorí fítámì Sí inú rẹ̀, pàápàá fún áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, tí kì í rọrùn láti fà mu bí ti ẹran àti ẹja. Dókítà yí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ padà, ó ní kó máa lò ó láàárín oúnjẹ méjì pẹ̀lú ọsàn, kí hóró kálísíọ́ọ̀mù di alẹ́. Ó dín ìrìn rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú 15 wọ́ọ́rọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi gòkè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti di 11.1, ọ̀rọ̀ sì ń jáde délẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Fólíìkì áásìdì, fítámì tó ń dáàbò bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, yàtọ̀ sí gbogbo èyí, torí pé àsìkò tirẹ̀ máa ń tètè kọjá. Iṣan tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Màìkírógíráàmù 400 lójúmọ́ ni, láti oṣù kan ó kéré tán kí oyún tó dúró títí di ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò pa dé rí nílò ìwọ̀n tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún un.

Kálísíọ́ọ̀mù tí àgbà obìnrin nílò kò yí padà nínú oyún, mìlígíráàmù 1,000 ni, torí pé ìfun aláboyún máa ń fà á mu dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹran ní áyọ́ọ̀nù púpọ̀, ṣùgbọ́n fítámì Éè inú rẹ̀ pọ̀ débi tó lè pa ọlẹ̀ lára, nítorí náà kò yẹ kó jẹ́ ibẹ̀ ni aláboyún ti ń wá ẹ̀jẹ̀.

Ìwúwo tún lè sọ ohun tí kì í ṣe ti oúnjẹ. Kí kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dédé gorí òṣùwọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú àti ọwọ́ wú, kí orí máa fọ́, omi ló ń gbára jọ, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru oyún. Dídín oúnjẹ kù kò lè wo ìyẹn. Bákan náà, bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde lójú ara nígbà ìrìn, bí àyà bá ń dunni, bí òòyì bá kọ́ni, bí inú bá ń súnkì léraléra pẹ̀lú ìrora, tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro ju èkejì lọ, ìrìn náà parí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí tàbí dókítà ló kàn, lọ́jọ́ yẹn gan-an.