Mìlímítà kan péré lọ́nà ọ̀fun ọmọ ọwọ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ìyá ọmọ, kí ni rọ́ọ̀bù fẹ́ ṣe nínú imú ọmọ tí ò rí èémí fà? Mo bi yín torí wọ́n tún ti gbé òmíràn wá bá wa lóru, rọ́ọ̀bù kún imú ẹ̀, àlùbọ́sà wà nínú ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní òtútù ló wọ̀ ọ́ láyà. Àyà kọ́ o. Ìsàlẹ̀ gògóńgò gangan ló ti wú.

Èyí tí mò ń sọ ni ọmọ tó ti ń ṣe kàtá látàná, tílẹ̀ wá ṣú tó ń wúkọ́ bí ẹni pé ajá ń gbó, ohùn ẹ̀ há, tó bá sì ń fa èémí wọlé ó máa dún hìììn. Kúrúùpù la máa ń pè é ní wọ́ọ̀dù, fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fà á.

Àwọn èèyàn á ní "ṣebí ó kàn wú díẹ̀ ni." Díẹ̀ kẹ̀! Ibi tó há jù lọ́nà èémí ọmọ ọwọ́ ò fẹ̀ ju bíi mìlímítà 4 lọ. Tí ara ibẹ̀ bá wú ní mìlímítà 1 péré yíká, ó mú 1 lọ́tùn-ún ó mú 1 lósì, ó ku 2. Ẹ ó rò pé iṣẹ́ èémí máa di ìlọ́po méjì nìyẹn, irọ́ ni, ìlọ́po 16 ni lójú ibẹ̀. Ìdí ni pé tí fífẹ̀ ẹ̀ bá dín sí ìdajì, àyè tí atẹ́gùn ń gbà kọjá á ti di ìdá mẹ́rin kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, atẹ́gùn tó bá fara kan ògiri ọ̀nà ò lè sáré, èyí tó wà láàárín ló ń sáré, ọ̀nà tó bá sì ti há, gbogbo atẹ́gùn ló ti sún mọ́ ògiri, torí náà eré tó ń sá náà á tún di ìdá mẹ́rin. Ìdá mẹ́rin nínú ìdá mẹ́rin, òun ni ìdá 16, torí náà kí atẹ́gùn tó ń wọlé tó lè tó ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ á di ìlọ́po 16. Dókítà ará Faransé kan, Poiseuille, ló fi omi àti túùbù tín-ín-rín wọ̀n ọ́n jáde láyé 1840 síwá sẹ́yìn, a ò hùmọ̀ ẹ̀. Ká wá ní ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń lọ síléèwé fẹ̀ tó 8, ìwú kan náà á sọ ọ́ di 6, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ìlọ́po 3 àti díẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí fáírọ́ọ̀sì kan náà fi lè mú àwọn méjèèjì, tí ẹ̀gbọ́n á kàn máa wúkọ́ tí àbúrò ò sì ní lè mí.

Ìṣirò yẹn tilẹ̀ ro ire ni o, atẹ́gùn tó ń rọra lọ ló wà fún. Tọ́mọ bá ń ké, atẹ́gùn á máa sáré á máa rú, á tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá rí ẹni tó di ọmọ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ tó ń rọ àgbo sí i lẹ́nu, àgbo tó lè gba ọ̀nà èémí lọ, àbí tó ń fi síbí wo ọ̀fun ẹ̀! Ẹ gbé e jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá ẹ̀, ẹ má jẹ́ ó ké, ẹ máa bọ̀ lọ́sibítù.

Ẹ ṣí aṣọ ẹ̀ wò. Bí abẹ́ ìhà àti kòtò ọrùn bá ń wọnú lọ́gbun nígbà tó ń mí, iṣẹ́ ìlọ́po yẹn lẹ ń wò, egungun ìhà ọmọ ṣì rọ̀, agbára tó fi ń fa èémí ló ń fa àyà ẹ̀ náà wọlé.

Ọmọ ti lóru yìí, ìyá àgbà ní, "Nọ́ọ̀sì, ó ti fúyẹ́, kò dún mọ́ látìgbà tí bàbá yẹn ti ṣètutù sí i." Mo wo ọmọ, ètè ẹ̀ ti ń dú, orí ẹ̀ ń mì, àyà ò fi bẹ́ẹ̀ wọnú mọ́. Mo ní, "Màmá, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni." Tí èémí ò bá tó nǹkan tó ń wọlé, kí ló máa dún? Ẹni tó gbowó ètùtù ti lọ sùn nílé ẹ̀.

A fún un ní ọ́síjìn, adirẹ́náálì nínú nẹbuláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu tọ́mọ máa fà símú, láti fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pa, àti dẹsamẹtasóònù tó máa fa ìwú náà wálẹ̀. Ọ́síjìn ò fẹ ọ̀nà o, ó kàn ń mú kí díẹ̀ tó ń wọlé wúlò sí i. Kò pẹ́ lohùn ẹ̀ já, wọ́n ti ń káṣọ, wọ́n fẹ́ máa lọ. Mo ní níbo? Adirẹ́náálì ò ju bíi wákàtí 2 lọ, dẹsamẹtasóònù sì nílò wákàtí díẹ̀ kó tó ràn dáadáa, tí èkínní bá tán tí èkejì ò tíì dé, ìwú á padà. Wọ́n bínú sí mi títí, àmọ́ wọ́n jókòó.