Ìpín oníwúrà, Parthenon àti plọ́ọ̀tì mítà 18 sí 36

Bí ilé kan bá ti wu ojú báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi gbé fọ́tò rẹ̀ síta, tí yóò ya ìlà tó ká bí ìkarahun ìgbín lé e lórí, tí yóò sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé 1.618 ni àṣírí ẹwà ilé náà. Mo ti rí i lórí fọ́tò mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Òpópó Martins, mo sì ti rí i lórí àwọn ilé Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í fi ẹnu kékeré sọ ọ́. Wọ́n ní 1.618 yìí, tí wọ́n ń pè ní ìpín oníwúrà, ni àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ fi kọ́ tẹ́ḿpìlì Parthenon, wọ́n ní ojú ènìyàn ti mọ̀ ọ́n láti inú ìyá rẹ̀ wá.

Ìpín náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Mú okùn mítà kan, kí o gé e sí sẹ̀ǹtímítà 61.8 àti 38.2. Bí o bá fi èyí tó gùn pín odindi okùn, 1.618 ni, bí o bá fi èyí tó kúrú pín èyí tó gùn, 1.618 náà ni. Sún ibi tí o gé síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, ìdọ́gba yẹn ti bàjẹ́. Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì, ṣàlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Krístì, ohun tó sì fi ṣe ni láti ya àwòrán oníhà márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ẹwà kò sí níbẹ̀. Ọmọ Jámánì kan, Adolf Zeising, ló kéde lọ́dún 1854 pé ìpín yìí ló ń darí ara ènìyàn, ewéko àti ilé tó dára. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá a kiri. Ẹni tó bá sì ń wá nǹkan kan lára ilé tó ní òpó, fèrèsé àti àtẹ̀gùn rẹpẹtẹ, yóò rí i dandan.

Ẹ jẹ́ ká wo Parthenon tí wọ́n ń fi ṣẹ̀rí. Áténì ni wọ́n kọ́ ọ sí, láàárín ọdún 447 sí 432 ṣáájú ìbí Krístì, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí Euclid tó kọ ìwé rẹ̀. Pèpéle tí àwọn òpó dúró lé fẹ̀ ní mítà 30.88, ó sì gùn ní nǹkan bíi mítà 69.5. Pín in, 2.25 ni yóò fún ọ, ìyẹn 9 sí 4. Láti orí pèpéle yẹn dé ibi tí igun mẹ́ta iwájú òrùlé ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 13.72; fi pín fífẹ̀ ilé, 9 sí 4 tún ni. Mú àlàfo láti àárín òpó kan sí àárín èkejì, fi ìbú ìdí òpó pín in, 9 sí 4 náà ni. Ìdíwọ̀n kan ṣoṣo, níbi mẹ́ta. Ibi tí ọwọ́ àwọn mọlémọlé náà ti hàn nìyẹn.

Kí iwájú ilé náà tó lè jẹ́ 1.618, ó ní láti ga ní mítà 19.1. Àmọ́ ṣóńṣó òrùlé rẹ̀ ti wó lulẹ̀ tipẹ́. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ rí ìpín oníwúrà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ṣóńṣó náà, á wá yan èyí tó bá a lára mu nínú àwọn àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìdíwọ̀n. Ojooro ni mo máa ń pè é.

Ọ̀nà ojooro kejì ni ìlà tó nípọn. Ká ní ilé fẹ̀ ní mìlímítà 60 lójú fóònù, tó sì ga ní 37, tí ìlà rẹ sì lè yẹ̀ ní mìlímítà kan sókè tàbí sísàlẹ̀. Ohunkóhun láti 1.58 dé 1.67 ni yóò bọ́ sábẹ́ ìlà náà. 8 sí 5 wà níbẹ̀, 5 sí 3 wà níbẹ̀, oníwúrà náà wà níbẹ̀. Kí a má tíì sọ pé láti ojú títì tóóró ni wọ́n ti gbé fóònù sókè ya fọ́tò ọ̀hún, tí orí ilé fi wá kéré ju ìdí rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo nǹkan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Plọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀ l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, tí a máa ń kà sí mítà 18 sí 36. Ká ní ilé gbígbé la fẹ́ kọ́ síbẹ̀, tí a fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, mítà 3 lẹ́yìn, mítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù jẹ́ mítà 12 sí 27. Fi 12 pín 27: 2.25. Ìpín Parthenon gan-an ló wà nílẹ̀ yẹn, kò sì sí ọmọ Gíríìsì kankan tó bá wa dá sí i. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ àti àyè afẹ́fẹ́ ló bí i. Bí nọ́ńbà bá kàn bára mu, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni ló gbèrò rẹ̀.

Ẹni tó gbèrò rẹ̀ wà ṣá. Àkítẹ́ẹ̀tì kan, Le Corbusier, fi ìpín oníwúrà ṣe òṣùwọ̀n tó pè ní Modulor, ó sì lò ó fún ilé ńlá tó parí ní Marseille nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1952. Mítà 1.83 ni gíga ènìyàn nínú rẹ̀, ìdodo wà ní 1.13, pín in kí o rí i. Ṣùgbọ́n mítà 1.75 ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó yí i padà sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kí nọ́ńbà rẹ̀ lè bá íǹṣì mu.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní Súrùlérè. Alhája kan tí mò ń yàwòrán ilé fún pè mí: "Àkítẹ́ẹ̀tì, ọmọ mi tó wà lókè òkun ní kí palọ̀ mi jẹ́ 1.618 o." Mo ní, "Ó dáa, mà, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀." Palọ̀ náà fẹ̀ ní mítà 3.6, nítorí náà gígùn rẹ̀ máa jẹ́ 5.825. Bíríkìlà tó bá fẹ́ wọn mìlímítà márùn-ún yẹn, mo kí i. Bí ó bá tiẹ̀ wọ̀n ọ́n, pọlasítà mìlímítà 15 lára ògiri kọ̀ọ̀kan á sọ ọ́ di 3.57 sí 5.795, ìyẹn 1.623. Táìlì sẹ̀ǹtímítà 60 tí Alhája ti rà sílẹ̀ kò sì gbà: mẹ́sàn-án á tẹ́ gún régé, ìkẹwàá á di gígé látòkè délẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

A wá fi àlàfo mítà 3.65 sí 6.05 sílẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn pọlasítà, ó ku 3.62 sí 6.02. Táìlì mẹ́fà níbùú, mẹ́wàá lóròó, pẹ̀lú mìlímítà méjì láàárín ọ̀kan sí èkejì, wọ ibẹ̀ láìgé ọ̀kankan. 5 sí 3 ni ìyẹn, ọ̀kan lára ìrísí yàrá tí àkítẹ́ẹ̀tì Palladio dámọ̀ràn ní Ítálì lọ́dún 1570. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Alhája, wọ́n sì gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé. Wọ́n ṣì ń sọ fún àlejò pé 1.618 ni palọ̀ àwọn.