Ìtẹ̀léra ii–V–I àti ìpààrọ̀ trítóònù

Ìtẹ̀léra ii–V–I ni kọ́ọ̀dù mẹ́ta tó máa ń tẹ̀ lé ara wọn láti mú orin jáàsì délé: ọ̀kan dúró lórí ohùn kejì kíì tí a wà, ọ̀kan lórí ohùn karùn-ún, ìkẹta lórí ohùn ìkíní. Tú-fáìfù-wán ni àwọn atẹdùrù ní Akúrẹ́ àti Oǹdó máa ń pè é. Ìpààrọ̀ trítóònù ni kí a yọ kọ́ọ̀dù àárín, ìyẹn V, kí a fi kọ́ọ̀dù mìíràn dípò rẹ̀, èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ fi ààbọ̀ ohùn mẹ́fà jìnnà sí tirẹ̀. Ẹni tó bá ti fi dòrèmí kọ́ orin nínú ẹgbẹ́ akọrin kò ní ṣòro fún láti lóye méjèèjì, nítorí ohùn méjì péré, fà àti tì, ni ọ̀rọ̀ náà so mọ́.

Ní kíì C, níbi tí C ti jẹ́ dò, báyìí ni kọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe rí:

```
Dm7     D F A C     rè fà là dò
G7      G B D F     sò tì rè fà
Cmaj7   C E G B     dò mí sò tì
```

Bí a bá ka dòrèmí láti ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ohùn kẹta àti ìkeje ló ń sọ irú kọ́ọ̀dù tó jẹ́. Nínú Dm7, fà àti dò ni. Bí a bá kọjá sí G7, fà kò kúrò lójú kan, dò nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ sí tì. Bí a bá dé Cmaj7, ó kan tì láti dúró, fà sì sọ̀ kalẹ̀ sí mí. Ìsọ̀kalẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju ààbọ̀ ohùn kan lọ, ìyẹn láti ẹyọ kan sí èyí tó tẹ̀ lé e gan-an lórí kíbọ́ọ̀dù, ìbáà jẹ́ dúdú tàbí funfun. Ìrìn kékeré yìí ni etí ń gbọ́ tó fi mọ̀ pé orin ń lọ sílé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ òsì tẹ D, G, C, kí ọwọ́ ọ̀tún sì tẹ F pẹ̀lú C, lẹ́yìn náà F pẹ̀lú B, lẹ́yìn náà E pẹ̀lú B. Kò tíì fi ohùn karùn-ún inú kọ́ọ̀dù kankan kún un rárá, síbẹ̀ orin náà ti dún pé.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n kọ́ kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan láti ìpìlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà gbogbo ọwọ́ ọ̀tún ń fò láti D lọ sí G, láti G padà sí C. Ohùn tó yẹ kó dúró ń fò, èyí tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ ń fò. Kò ṣòro láti mọ̀: bí ọwọ́ ọ̀tún bá gbéra kúrò lórí dùrù pátápátá láàárín kọ́ọ̀dù méjì, ìtẹ̀léra náà ti já.

Trítóònù ni àlàfo tó wà láàárín fà àti tì. Bí a bá ka ẹyọ dúdú àti funfun láti F dé B, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni. Méjìlá ni ìgbésẹ̀ láti dò kan dé dò òkè rẹ̀, nítorí náà mẹ́fà jẹ́ ìdajì gẹ́lẹ́. Ohun tó ti ibẹ̀ wá ni pé láti B gòkè dé F tó tẹ̀ lé e, mẹ́fà náà ni. Bí a ṣe yí i sókè tàbí sísàlẹ̀, àlàfo náà kò yàtọ̀, kò sì sí àlàfo mìíràn tó kéré sí dò-dé-dò tó rí bẹ́ẹ̀.

Nínú G7, tì ni ohùn kẹta, fà sì ni ìkeje. Kí a wá yí ipò wọn padà: kí fà di ohùn kẹta, kí tì di ìkeje. Kọ́ọ̀dù wo ni yóò jẹ́? Nínú irú kọ́ọ̀dù bíi G7, ohùn kẹta fi ààbọ̀ ohùn mẹ́rin ga ju ìpìlẹ̀ lọ, nítorí náà a ó ka mẹ́rin sísàlẹ̀ láti F: E, Eb, D, Db. Db7 ni, ohùn inú rẹ̀ sì ni Db, F, Ab àti Cb. Cb tí a kọ sórí ìwé àti B jẹ́ ẹyọ kan náà lórí dùrù. Ohùn méjì tó ń mú G7 fà sí ilé wà nínú Db7 láìdín. A lè fi Db7 sí ipò G7:

```
          Dm7    Db7    Cmaj7
ọ̀tún      F C    F B    E B
òsì       D      Db     C
```

Ọwọ́ ọ̀tún kò yí ohunkóhun padà. Ọwọ́ òsì nìkan ni kò fò mọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ létòlétò: rè, rà, dò. Ìró yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn olórin jáàsì bìbọ́ọ̀pù ní Niú Yọ́ọ̀kì láti àwọn ọdún 1940 síwájú, Dizzy Gillespie àti Thelonious Monk wà lára wọn.

Kọ́ọ̀dù tó ní trítóònù láàárín ohùn kẹta àti ìkeje rẹ̀, bíi G7, nìkan ni ìpààrọ̀ yìí bá mu. Dm7 àti Cmaj7 kò ní irú rẹ̀. Bí a bá fi Gbmaj7 dípò Cmaj7, orin kàn bọ́ sí kíì mìíràn ni, kò délé.

Ohùn tí orin fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Bí olórin bá di fà tàbí tì mú lórí V, inú Db7 ló wà. Sò dára níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń fún kọ́ọ̀dù náà ní ìmọ́lẹ̀ kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Ṣùgbọ́n dò máa ń forí gbárí pẹ̀lú Db àti B lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń dún bí àṣìtẹ̀. Rè pẹ̀lú rà le létí: nínú jáàsì a lè fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ nínú orin ìyìn tó parí pẹ̀lú rè, dò, àwọn tó ń kọrin yóò rò pé atẹdùrù ti ṣìnà.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a dán an wò lábẹ́ akọrin tó ń kọ ohùn mẹ́rin, bó ṣe wọ́pọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá Akúrẹ́ àti Oǹdó. Àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn bẹ́ẹ̀sì di sò mú lórí V, bí ìwé orin ṣe kọ ọ́. Bí dùrù bá tẹ Db7 lórí G wọn, G7 tí a yí ohùn rẹ̀ padà ni etí ń gbọ́, nítorí G ló wà nísàlẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ rè, rà, dò kò jáde. Bákan náà ni pẹ̀lú ẹni tó ń ta gìtá bẹ́ẹ̀sì: àfi kí ó mọ̀ ṣáájú pé Db ni yóò tẹ̀. Bí ìpààrọ̀ bá dún dídọ̀tí, tí ohùn kẹta àti ìkeje sì tọ̀nà, bẹ́ẹ̀sì ni kí a kọ́kọ́ fetí sí.

Ẹni tó ń fi bọ́tìnnì tó ń yí kíì padà lórí kíbọ́ọ̀dù ṣe iṣẹ́ yóò rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ìpààrọ̀ yìí ní kíì mìíràn. Ó sàn kí ó fi ọwọ́ ṣe é ní kíì F. Gm7, C7, Fmaj7 ni ìtẹ̀léra náà. Ohùn méjì inú C7 ni E àti Bb. Bí Bb bá di ohùn kẹta, ìgbésẹ̀ mẹ́rin sísàlẹ̀ rẹ̀ ni Gb, nítorí náà Gb7 ni ìpààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀sì á sì rìn G, Gb, F. Bí V bá gba lù mẹ́rin, a lè pín in sí méjì, lù méjì fún C7, lù méjì fún Gb7. Nígbà náà, Bb àti E á wà lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún fún lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìkúrò, bẹ́ẹ̀sì nìkan ni yóò máa rìn: G, C, Gb, F.