Bí ọ̀rọ̀ gígùn ṣe ń di ọ̀rọ̀ lébẹ́ẹ̀lì: àpẹẹrẹ gàrí Ìjẹ̀bú

Ká ní gàrí oníkílò kan wà nínú ọ̀rá, lébẹ́ẹ̀lì tó máa gbà kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 10 ní fífẹ̀ àti 8 ní gíga. Irú ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ín sábà máa ń kọ sínú ìwé lọ bá atẹ̀wé nìyí:

“Ojúlówó gàrí Ìjẹ̀bú tó dára jù lọ lọ́jà. Ẹ̀gẹ́ oko tiwa la fi ṣe é. Odidi ọjọ́ mẹ́rin la fi ń jẹ́ kó kan kí a tó yan án níbi tó mọ́ tónítóní. Ó kúná, ó gbẹ, kò ní iyanrìn, ó ṣeé mu, ó sì ṣeé fi tẹ ẹ̀bà. Ó ń wo ibà, ó sì ń jẹ́ kí ojú ríran dáadáa. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó padà wá.”

Ọ̀rọ̀ 70 ni. Bí atẹ̀wé bá gbà á bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ṣe ni pé á dín lẹ́tà kù títí gbogbo rẹ̀ á fi wọlé. Ọ̀rọ̀ náà á wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó dúró níwájú àtẹ kò ní rí i kà.

Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe gígé. Ohun tí kò ṣeé gé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà, torí òun ló ń gba àyè tirẹ̀ tipátipá. Fún oúnjẹ tí wọ́n dì tà ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC fẹ́ rí orúkọ ọjà, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù tàbí kílò, ohun tí wọ́n fi ṣe é, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC fúnra rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fẹ́ kí ìwọ̀nyí wà; Yorùbá lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ìpele àti ọjọ́ ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yan gàrí tuntun, nítorí náà àyè funfun ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún un, kí wọ́n lè fi òǹtẹ̀ lù ú. Tí gbogbo èyí bá ti jókòó, lébẹ́ẹ̀lì yìí ti tán dé ìdajì. Ohun tó kù fún ọ̀rọ̀ ìpolówó kò ju bí ọ̀rọ̀ 15 lọ, bí lẹ́tà bá máa tóbi tó ohun tí àgbàlagbà lè kà láìwá jígí.

Ìgbà yẹn ni ọ̀bẹ tó wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ ń lọ ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọlọ́jà lè sọ. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ni pé: ṣé ẹnì kan wà tó máa kọ òdìkejì rẹ̀ sára ọjà rẹ̀? Kò sẹ́ni tó máa kọ “gàrí tí kò dára tó” tàbí “ibi tó dọ̀tí la ti yan án”. Torí náà, “ojúlówó”, “tó dára jù lọ” àti “tó mọ́ tónítóní” kò fi gàrí kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. “Ẹ tọ́ ọ wò” náà bá wọn lọ. Ẹnu ẹni tó ń tà ni ibùgbé ìyẹn.

“Kò ní iyanrìn” le díẹ̀, torí òótọ́ ni pé iyanrìn ń bẹ nínú gàrí ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ iyanrìn kò tíì sí lọ́kàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wá a ní kété tó bá kà á. Bí wọ́n bá jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, “a jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì” sàn ju sísẹ́ lọ, bí àyè bá wà.

Ọ̀rọ̀ ibà àti ojú kò sí lára ohun tí wọ́n ń gé nítorí àyè. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá tóbi bí ẹní, kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: òfin kò gbà kí oúnjẹ máa pe ara rẹ̀ ní oògùn àìsàn. (Ọ̀pọ̀ ìyá ló tiẹ̀ ń sọ fọ́mọ pé gàrí mímu ń ba ojú jẹ́.)

Ohun tó kù ni kíkan, kíkúná, gbígbẹ, ọjọ́ mẹ́rin, oko, mímu àti ẹ̀bà. Gàrí tí kò gbẹ kò yẹ lójú ọjà rárá, kí gbígbẹ máa lọ. “Oko tiwa” dùn mọ́ olóko ju oníbàárà lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹran inú ọ̀rọ̀ náà, torí ẹni tó mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin fi jókòó ló ń mú un kan. Báyìí ló ṣe jáde:

GÀRÍ ÌJẸ̀BÚ
Ọjọ́ 4 ló fi kan. Ó kúná.
Fún mímu àti ẹ̀bà.

Ọ̀rọ̀ 13. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 4 yẹn ní ewu. Nígbà tí ọjà bá ń yá, àwọn kan ń gbé e sórí iná lọ́jọ́ kejì, ahọ́n oníbàárà sì ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí. Lọ́wọ́ ẹni tó ń yan án gan-an ni kí wọ́n ti béèrè, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ni ìléeṣẹ́ nìkan. Bí ọjọ́ bá ń yí láti ìpele kan sí òmíràn, kí wọ́n yọ nọ́ńbà, kí wọ́n kọ “Ó kan, ó kúná”.

Kí wọ́n tó tẹ ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n á tẹ ẹyọ kan sórí ìwé lásán ní ìwọ̀n gidi, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá tí gàrí ti kún. Orí kọ̀ǹpútà kì í fi èyí hàn: ọ̀rá tó kún ń yọ ikùn, lẹ́tà etí rẹ̀ á sì wọ́ lọ sẹ́yìn. Kí wọ́n fi han ẹni tí kò mọ ọjà náà fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí wọ́n gbé e kúrò, kí wọ́n bi í pé kí ni wọ́n ń tà. Bí ó bá ní “gàrí kan báyìí”, “Ìjẹ̀bú” ti kéré jù.

Pátákó ẹ̀bá títì tún le sí i, torí ẹni tó ń kà á kò dúró. Ọkọ̀ tó ń sá kílómítà 40 ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí awakọ̀ bá máa rí ìṣẹ́jú àáyá 3 fi kà á, láti bíi mítà 33 ló ti gbọ́dọ̀ ríran rí i, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 110. Ìṣirò tí àwọn tó ń kọ pátákó ń lò ni pé kí lẹ́tà ga ní ínṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Á jẹ́ ínṣì 11. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àlàfo rẹ̀, ń gba bí ínṣì 8 ní fífẹ̀. Pátákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 jẹ́ ínṣì 96. Bí wọ́n bá fi 4 sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà 11 péré ló gbà lórí ìlà kan.

GÀRÍ ÌJẸ̀BÚ, pẹ̀lú àlàfo àárín rẹ̀, jẹ́ 10. Ó wọlé. “A ń ta” kò ní í wọlé, kò sì nílò rẹ̀, torí iwájú ìsọ̀ ni pátákó dúró sí. “Ó kan, ó kúná” lè wà nísàlẹ̀ ní ínṣì 5, fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Nọ́ńbà fóònù jẹ́ 11, ìlà kan gbáko ló máa jẹ bó bá tóbi. Kó kéré, torí ẹni tó bá ti dúró nìkan ló ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà náà ń gba àyè, bí ínṣì méjì lókè àti méjì nísàlẹ̀ lára lẹ́tà tó tóbi báyìí. Ó ń wu ẹni tó ń kùn ún láti yọ wọ́n dànù. Lórí GÀRÍ ÌJẸ̀BÚ, kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àgbo ni wọ́n ń tà nínú ìsọ̀ náà, tí pátákó wá ka AGBO lásán, kí wọ́n má bínú sí ẹni tó bá dúró nígbà Iléyá láti béèrè iye tí wọ́n ń ta èyí tó ní ìwo.