Kọfí láìtíì jẹun: ìdí tọ́wọ́ fi ń gbọ̀n, tí inú sì ń léèyàn wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù òògùn mi lóṣù tó kọjá, ó ní kí n fún òun lóògùn ìgbẹ́ gbuuru. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ló ti ń ṣe é, ó ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni o, kí bọ́ọ̀sì tó gun bíríìjì báyìí ọwọ́ á ti máa gbọ̀n, àyà á máa já, inú á máa kùn, ló bá di pé kóun máa wá ibi tóun á ti bọ́ọ́lẹ̀. Mo ní kí lẹ ń jẹ kẹ́ ẹ tó jáde? Ó ní kọfí ni, ṣíbí méjì, mílíìkì alágolo dáadáa, ó di aago mọ́kànlá kóun tó fẹnu kan oúnjẹ.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, kafíìnì inú kọfí ni. Inú ìfun ni ara ti ń fà á mu jù, tóúnjẹ bá wà nínú ikùn á máa jò débẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tí ikùn bá ṣófo, gbogbo ẹ̀ á ya wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì lé adirẹnálíìnì sókè, ìyẹn nǹkan tó ń jẹ́ káyà wa já tí ajá bá gbó mọ́ wa lójijì. Kọfí tún ń jẹ́ kí ikùn tú ásíìdì sílẹ̀, tí ò bá sì sóúnjẹ tó máa gbà á, àwọn kan á máa gbọ́ ọ bí iná lókè inú.

Ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì lèèyàn máa ń ṣì lóye jù. Kì í ṣe pé kọfí yẹn ti sáré dé ìdí o, ó ṣì wà nínú ikùn, ikùn ló ránṣẹ́ sí ìfun ńlá pé nǹkan tuntun ń bọ̀, kó palẹ̀ tàná mọ́. Lára ẹlòmíì, láàárín ìṣẹ́jú 4 péré ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kódà kọfí tí wọ́n ti yọ kafíìnì ẹ̀ ń ṣe é, àwọn míì ò sì ní mọ nǹkan kan lára.

Àmọ́ mílíìkì ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwa àgbàlagbà níbí ni ara wa ò lè da ṣúgà inú mílíìkì dáadáa mọ́. Ìgbẹ́ tó bá yá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ò sì ṣàn, kọfí ni mo máa fura sí. Àmọ́ tó bá tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì, tínú wú, tó ń yagaasi, tí ìgbẹ́ dà bí omi, mílíìkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú.

Mo ní kí obìnrin yẹn máa yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ó jẹ búrẹ́dì àti ẹyin kó tó mu kọfí ẹ̀ bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀: ọwọ́ ò gbọ̀n mọ́, àmọ́ inú ṣì ń kùn. Ọjọ́ 3 tó tẹ̀ lé e, ó yọ mílíìkì, inú dákẹ́.

Mo tún máa ń béèrè bóyá èèyàn ń lo sipirofulosasíìnì, òògùn kan tó ń pa kòkòrò àrùn, torí ó ń dá ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kọ́ láti tú kafíìnì dànù, ife kan á wá ṣe bíi méjì lára. Àmọ́ tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má dúró yí kọfí wò, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.